Ìwé mẹ́ta fún ọjà kan: bí a ṣe ń ka àfúwà nígbà tí owó fàkítúù bá lé

Oníbàárà kan ra páálí kàrò 60 ní ilé ìtajà ohun ìkọ́lé kan lọ́nà ọjà Wàńdó, ní Àjàṣẹ́. Wọ́n ná an dé 5,900 fàráǹ páálí kan, TVA ti wà nínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ yẹ kó jẹ́ 354,000. Fàkítúù tó jáde nínú ẹ̀rọ ka 417,720. Ó san án, ó kó ọjà rẹ̀ lọ, ìgbà tó délé ló tó ṣírò rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó padà wá fẹjọ́ sùn, ọlọ́jà kò fi báírò fa owó náà rẹ́, kò sì fa ìwé náà ya. Ìwé méjì mìíràn ló tẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó wá di ìwé mẹ́ta fún kàrò kan ṣoṣo, ọ̀kan ka 417,720, ìkejì náà ka 417,720, ìkẹta ka 354,000. Kò sẹ́ni tí irú rẹ̀ máa bá tí kò ní béèrè pé: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ tún kọ gbèsè tuntun sí mi lọ́rùn ni?”

Rárá o. Ìkejì yẹn ló pa àkọ́kọ́ rẹ́. Ìwé òdì ni. Òun ni wọ́n kọ FACTURE D'AVOIR sí lókè, tí gbogbo wa ń pè ní àfúwà. Ohun tó bá wà lórí fàkítúù, àfúwà máa ń dá a padà. Bí a bá ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀, 417,720 wọlé, 417,720 jáde, 354,000 ló kù. Iye kàrò náà gan-an nìyẹn.

Kí ló dé tí wọn ò kàn ya èyí tó ṣì, kí wọ́n tẹ òmíràn? Ẹ wo ìsàlẹ̀ fàkítúù nọmalisé èyíkéyìí tí ẹ bá gbà ní Bẹ̀nẹ̀ẹ̀. Ẹ máa rí àmì QR, ẹ máa rí nọ́ńbà ẹ̀rọ tí wọ́n kọ NIM sí, ẹ sì máa rí code MECeF/DGI, tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 24, tí wọ́n pín sí mẹ́rin-mẹ́rin lọ́nà mẹ́fà. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í jáde àfi tí ẹ̀rọ bá ti kọ títà náà sílẹ̀ fún DGI, iléeṣẹ́ owó orí. Kí ọlọ́jà tó fọwọ́ sí i nínú ẹ̀rọ, ó ṣì lè fagi lé e. Lẹ́yìn tó bá ti fọwọ́ sí i, kò sí ẹni tó lè pa á rẹ́ mọ́, títí kan ọ̀gá ilé ìtajà fúnra rẹ̀. Bó bá ya bébà yẹn sí wẹ́wẹ́, 417,720 ṣì wà níbi tó wà, ìjọba sì ń retí TVA orí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ọlọ́jà tó bá ní “ẹ kó ìwé yẹn wá, ẹ jẹ́ kí n kọ tuntun fún yín” tí kò sì tẹ àfúwà, ara rẹ̀ ló ń dá ní gbèsè, nítorí títà méjì ni yóò hàn lórúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí owó náà ṣe lé, torí ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ tó burú jù ti ń bẹ̀rẹ̀. Iye ọjà tí à ń tẹ̀ sínú e-MECeF, ètò DGI tí a fi ń tẹ fàkítúù nọmalisé, jẹ́ iye TTC, ìyẹn iye tí TVA ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń yọ TVA jáde láti inú rẹ̀. Àmọ́ ọmọ iṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ yẹn rò pé òun ló yẹ kó fi TVA lé e. Ó mú 5,900, ó fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, ó rí 6,962, ó sì tẹ èyí wọlé. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé TVA ti wà nínú 5,900. Ohun tí wọ́n fún un ló gbà. Èyí ló fi di TVA lórí TVA.

Ẹ lè dá irú àṣìṣe yìí mọ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní apá ibi tí wọ́n ti ń pín owó orí lórí fàkítúù, ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ “B - TAXABLE (18%)” sí. Lórí fàkítúù tó ṣì yìí, ìlà náà ka 417,720 lápapọ̀, 354,000 tí kò ní TVA nínú, àti 63,720 fún TVA. Ẹ rí 354,000 yẹn? Iye tí ẹ jọ ná, tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ pátápátá gẹ́gẹ́ bí àpapọ̀, ló lọ jókòó síbi iye tí kò ní TVA. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá rí i pé iye tí ẹ ná wà ní ipò HT, ìyẹn iye tí kò ní TVA, a jẹ́ pé wọ́n ti ka TVA lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé iye páálí ni wọ́n ṣì kọ, tàbí pé iye ọjà mìíràn ni wọ́n tẹ̀, nọ́ńbà náà kò ní bá iye tí ẹ ná mu báyìí.

Owó tó lé ni 417,720 yọ 354,000, tó fún wa ní 63,720. Ibí yìí ni ẹsẹ̀ ti máa ń yẹ̀ àwọn èèyàn. Oníbàárà á wo 63,720, á wo TVA orí fàkítúù tó ṣì, á rí i pé 63,720 náà ni, á wá sọ pé: “Ṣé ẹ rí i, TVA ni gbogbo owó tẹ́ ẹ gbà lé.” Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà náà á sì gbà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ká ní TVA ni gbogbo rẹ̀, tí a bá sì dá a padà tán, TVA orí kàrò náà á di òdo, bí ẹni pé ọjà tí ìjọba kò gba owó orí lé lórí ni. Kàrò sì wà lára ọjà tí à ń san ìdá 18 lé lórí.

Ọ̀nà tó tọ́ ni kí a fi ìlà méjèèjì wé ara wọn. Fàkítúù tó ṣì ní HT 354,000 àti TVA 63,720. Èyí tó tọ́ ní HT 300,000 àti TVA 54,000, torí pé 5,000 ni páálí kan láìsí TVA, 900 ni TVA rẹ̀. Nítorí náà, nínú 63,720 tó lé, 54,000 jẹ́ owó ọjà tí wọ́n kà lé, 9,720 péré ni TVA. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi ìlà wé ìlà lè pín 63,720 sí 1.18, yóò rí 54,000 náà. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó mú ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún 63,720. Ìyẹn á fún un ní 11,469 àti díẹ̀, iye tí kò bá ìwé kankan mu. TVA tó ti wà nínú owó, pípín ni à ń fi yọ ọ́.

Ní báyìí, àtúnṣe. Ọ̀nà méjì ló wà, mi ò sì rò pé wọ́n dọ́gba.

Ọ̀nà kìíní ni èyí tí wọ́n ṣe fún oníbàárà wa: kí àfúwà dá gbogbo fàkítúù àkọ́kọ́ padà, kí wọ́n tẹ tuntun tó tọ́. Nínú e-MECeF, ọlọ́jà á yan irú ìwé, á mú FA, ti àfúwà, dípò FV, ti títà. Ẹ̀rọ á béèrè code MECeF/DGI ti fàkítúù tí a fẹ́ dá padà. Lẹ́tà kan tó bá yàtọ̀, kò ní gbà, torí náà ó sàn kí a ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láti orí ìwé tó wà nínú ẹ̀rọ ju kí a máa fi ojú kà á lórí bébà tí yíǹkì ti ń ṣá lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, á tẹ ọjà náà bó ṣe wà lórí ìwé àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́: páálí 60, 6,962 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ owó orí B. Kò ní tẹ 5,900 síbẹ̀ o. Àṣìṣe náà ni à ń dá padà, bó ṣe rí ni ká ṣe dá a padà. Kò sì ní fi àmì ìyọkúrò síwájú nọ́ńbà kankan, FA tó yàn ti sọ fún ẹ̀rọ pé owó ń padà ni. Tí àfúwà bá ti jáde, á wá tẹ FV tuntun, páálí 60, 5,900, ẹgbẹ́ B. Ẹ̀rọ á yọ 300,000 àti 54,000 fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí a fi fàkítúù àkọ́kọ́ sílẹ̀, kí àfúwà dá kìkì owó tó lé padà. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìyẹn ni 60 lọ́nà 1,062, tí í ṣe 6,962 yọ 5,900, nínú ẹgbẹ́ B, pẹ̀lú code ìwé àkọ́kọ́. Yóò jáde ní HT 54,000, TVA 9,720, àpapọ̀ 63,720. Ìwé méjì péré ni oníbàárà máa gbà. Ó dà bíi pé ó rọrùn jù, àmọ́ ibẹ̀ ni pàkúté pọ̀ sí.

Pàkúté àkọ́kọ́ ni ẹgbẹ́. Ọlọ́jà tó bá rò pé “owó lásán ni mò ń dá padà, kì í ṣe ọjà” lè fi 63,720 sí ẹgbẹ́ A, ti ọjà tí kò ní owó orí. Oníbàárà á gba owó rẹ̀ pé, inú rẹ̀ á dùn. Àmọ́ TVA kankan kò dín lórí ìwé ọlọ́jà. Yóò san 63,720 fún ìjọba lórí kàrò tó yẹ kó san 54,000 lé lórí, 9,720 ti bọ́ lápò rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jà á lólè. Ẹgbẹ́ tí ọjà wà lórí fàkítúù ni kó wà lórí àfúwà.

Pàkúté kejì wà fún àwọn tí wọ́n so ẹ̀rọ ìtajà wọn mọ́ ìwé ọjà tó wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ “kàrò, páálí 60” sórí àfúwà owó tó lé, ẹ̀rọ á rò pé páálí 60 ti padà wọlé, á sì fi kún ọjà inú ilé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ka ọjà, 60 á sọnù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ọmọ iṣẹ́. Kí wọ́n kọ “ìdínkù iye kàrò” tàbí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì lo orúkọ tí kò so mọ́ ọjà kankan nínú ẹ̀rọ. Ọ̀nà kìíní kò ní wàhálà yìí, torí páálí 60 padà, páálí 60 tún jáde, iye tó wà nílẹ̀ kò yí.

Èrò tèmi ni pé kí a lo ọ̀nà kìíní fún oníbàárà tó kàn wá ra ọjà ilé rẹ̀. Ìwé tó máa fi pamọ́ nígbẹ̀yìn á ní iye tó tọ́ lórí, kò ní máa ṣàlàyé fún ọkọ tàbí aya rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ ìdí tí kàrò fi jẹ́ 6,962. Ọ̀nà kejì dára fún iléeṣẹ́ tó ti kọ fàkítúù àkọ́kọ́ sínú ìwé rẹ̀, tí akáǹtì rẹ̀ kò fẹ́ yọ ọ́ kúrò. Ibì kan wà tí ọ̀nà kejì kò ti ṣiṣẹ́ rárá, ìyẹn nígbà tí àṣìṣe náà kì í ṣe ti owó nìkan. Bí IFU, ìyẹn nọ́ńbà owó orí oníbàárà, bá ṣì, tàbí tí wọ́n fi orúkọ ẹlòmíràn sí i, tàbí tí ọjà náà wà nínú ẹgbẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, kò sí bí a ṣe lè dín orúkọ kù. Gbogbo rẹ̀ ni ká dá padà, ká tẹ tuntun.

Bí oníbàárà bá gba àwọn ìwé náà, ohun tó yẹ kó yẹ̀ wò kò pọ̀. Kó wo kàńtà tó wà nítòsí NIM. FV máa ń wà nídìí ti fàkítúù títà, FA nídìí ti àfúwà. Tí ìwé méjì tó tẹ̀ lé àkọ́kọ́ bá jẹ́ FV àti FV, a jẹ́ pé wọn ò dá nǹkan kan padà, títà mìíràn ni wọ́n kàn tẹ̀. Kó sì wo orí àfúwà bóyá code tí wọ́n tọ́ka sí bá ti fàkítúù rẹ̀ mu, ó kéré tán mẹ́rin ìbẹ̀rẹ̀ àti mẹ́rin ìparí. Bí ojú ò bá dá a lójú, kó fi fóònù ka QR méjèèjì.

Owó ńkọ́? Àfúwà kì í ṣe owó, kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé a ti dá owó padà. Ohun tó sọ ni pé ọlọ́jà jẹ oníbàárà ní iye yẹn, tàbí pé gbèsè oníbàárà ti dín. Ẹni tí kò tíì san kọ́bọ̀ lórí fàkítúù tó ṣì, 354,000 ló máa san, kò sí owó tó ń padà. Ẹni tó ti san gbogbo rẹ̀, bíi ti oníbàárà wa, 63,720 ni wọ́n jẹ ẹ́, kì í ṣe 417,720, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 417,720 ló wà lórí àfúwà rẹ̀. Àwọn kan máa ń di àfúwà yẹn mú, wọ́n á ní kí wọ́n san gbogbo iye orí rẹ̀. Wọ́n gbàgbé pé fàkítúù tuntun ti gba 354,000 nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá san 63,720 náà lọ́wọ́ tàbí nípasẹ̀ mómò, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́ nínú ọjà tó máa rà lẹ́yìn, èyíkéyìí tí wọ́n bá mú, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ oṣù tún máa ń da ọlọ́jà láàmú. Ká ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ni wọ́n ta kàrò, tí àfúwà àti fàkítúù tuntun sì jáde lọ́jọ́ 3 oṣù keje. Ìjẹ́wọ́ TVA ti oṣù kẹfà, tó gbọ́dọ̀ dé kó tó kọjá ọjọ́ 10 oṣù keje, ṣì máa gbé 63,720 ti ìwé tó ṣì, torí oṣù kẹfà ló jáde. A kì í padà lọ tún oṣù kẹfà kọ. Ti oṣù keje ló máa yọ 63,720 kúrò, tó sì máa fi 54,000 sí i. Ó túmọ̀ sí pé ọlọ́jà á kọ́kọ́ san 9,720 tí kì í ṣe tìjọba, yóò rí i gbà padà lóṣù tó tẹ̀ lé e. Bí oníbàárà náà bá jẹ́ oníṣòwò tó ń yọ TVA ohun tó rà nínú TVA tirẹ̀, ohun kan náà ló máa ṣe lódì kejì: bó bá ti yọ 63,720 lóṣù kẹfà, kó dá 9,720 padà lóṣù keje. Ẹni tó gba owó lé padà tó sì gbàgbé ìyẹn ti yọ ju ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ, DGI sì ní ìwé méjèèjì níwájú.

Bí AIB, owó orí èrè tí à ń san ṣáájú, bá wà lórí fàkítúù àkọ́kọ́, kí ó wà lórí àfúwà pẹ̀lú ìdá kan náà, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àpapọ̀ wọn kò ní pàdé. Ní ti àwọn ọlọ́jà kéékèèké tó wà lábẹ́ TPS, owó orí kan ṣoṣo ti àwọn oníṣòwò kéékèèké, ní Kétu tàbí Sábẹ̀ tàbí níbikíbi, tiwọn rọrùn: ẹgbẹ́ E ni ọjà wọn, wọn kì í gba TVA, torí náà owó tó lé kò ní HT àti TVA tí a ń pín. Àmọ́ àwọn náà kò lè ya fàkítúù. Àfúwà ni, pẹ̀lú code ìwé àkọ́kọ́.

Ìwé kékeré tí ọlọ́jà á mú kí oníbàárà fọwọ́ sí lẹ́yìn tó bá gba owó kò ju ìlà díẹ̀ lọ: “Mo gba 63,720 fàráǹ, owó tó lé lórí kàrò páálí 60, fàkítúù FV ti ọjọ́ 28 oṣù kẹfà, tí àfúwà FA ti ọjọ́ 3 oṣù keje dá padà, tí fàkítúù FV ọjọ́ kan náà sì rọ́pò.” Kí wọ́n kọ code mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sísàlẹ̀ rẹ̀, orúkọ, ọjọ́, ìfọwọ́sí. Ẹ̀dà kan lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ̀dà kan kí ọlọ́jà fi pín-ìn-nì so mọ́ àwọn ìwé mẹ́ta náà nínú fáìlì oṣù keje.